Ojú mi rí nǹkan lórí ìdájọ́ àbítíréṣọ̀n tí mo gbé lọ sí kọ́ọ̀tù ilẹ̀ míì

Ẹ jẹ́ kí n ráhùn díẹ̀ o. Mo ti borí, àwọn àbítírétọ̀ mẹ́ta, ìyẹn àwọn tí a yàn kí wọ́n dá ẹjọ́ wa dípò kọ́ọ̀tù, ti ní kí oníbàárà mi san owó ẹ̀rọ tí mo tà fún un, mo rò pé ó ti parí. Kò san kọ́bọ̀. Ilẹ̀ míì ni owó rẹ̀ wà, kì í ṣe ibi tí a ti ṣẹjọ́, àfi kí n lọ bá kọ́ọ̀tù ibẹ̀ kí wọ́n gba ìdájọ́ náà wọlé. Ilẹ̀ méjèèjì ló ti wọ àdéhùn Niu Yọ́ọ̀kì ti 1958, tó ní kí ilẹ̀ kan máa gba ìdájọ́ àbítíréṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ míì, lọ́yà mi ní iṣẹ́ kékeré ni.

Kékeré kẹ̀! Abala 4 àdéhùn yẹn ní kí o mú ìdájọ́ náà gan-an wá, tí a ti jẹ́rìí sí, tàbí ẹ̀dà rẹ̀ tó ní ẹ̀rí, àti ìwé àdéhùn tí ẹ ti gbà pé àbítíréṣọ̀n lẹ máa lò. Tí wọn ò bá sí ní èdè kọ́ọ̀tù, ògbufọ̀ ìjọba tàbí èyí tó ti búra, tàbí ọ́fíísì aṣojú ìjọba, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìtumọ̀ wọn. Èmi mú fọ́tókọ́pì lọ, ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ èdè náà dáadáa ló sì túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá a padà. Mo tún un ṣe, ògbufọ̀ tó ti búra ni mo lò, wọ́n tún dá a padà: ìdájọ́ nìkan la túmọ̀, a gbàgbé ìwé àdéhùn. Wọ́n sì tún bi mí pé ta ló jẹ́rìí pé àwọn àbítírétọ̀ ló fọwọ́ sí i lóòótọ́, nígbà yẹn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọ́n ká, ọ̀kan wà ní ìrìn àjò, mò ń fi ìmeèlì bẹ̀ wọ́n bíi pé gbèsè ni mo jẹ wọ́n. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ká ní mo ti gba ẹ̀dà márùn-ún tó ní ẹ̀rí lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa ní ìdájọ́, ìyà yẹn ì bá má jẹ mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá dùn. Oníbàárà mi yẹn ní àwọn àbítírétọ̀ ṣi ìwé àdéhùn kà, pé ẹ̀rọ ò dáa. Adájọ́ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòun, òun ò tún ẹjọ́ dá. Àwọn ìdí tí wọ́n lè fi kọ ìdájọ́ ò pọ̀, wọ́n wà ní Abala 5, àṣìṣe àbítírétọ̀ ò sì sí nínú wọn. Ọkùnrin náà wá ní òun ò gbọ́ pé ẹjọ́ wà rárá. Ìyẹn wà nínú wọn lóòótọ́, àmọ́ òun ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, èmi sì fi ìwé tí wọ́n fi gba lẹ́tà lọ́wọ́ kúríà hàn, ọwọ́ akọ̀wé rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìgbà tó rí i pé kò ṣiṣẹ́, ó sáré lọ sí kọ́ọ̀tù ibi tí a ti ṣe àbítíréṣọ̀n pé kí wọ́n fagi lé e, ó sì ní kí tibí dúró. Kọ́ọ̀tù lè dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n Abala 6 jẹ́ kí n bèèrè pé kó fi nǹkan ṣe ìdógò kí wọ́n tó dúró dè é. Èmi fúnra mi ni mo rán lọ́yà létí o! Adájọ́ ní kó lọ mú owó wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ní ká jọ sọ̀rọ̀, ó sanwó.

Owó ògbufọ̀ ìgbà kejì yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.