Sọ̀wédowó tó ju iye ọjà lọ: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń ta ẹran ọ̀sìn tàbí ẹrù ilé ní Amẹ́ríkà

Ká ní ẹ fẹ́ ta ewúrẹ́ mẹ́fà. Ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ gbé e sórí ìkànnì ọjà, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé 250 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti kọ̀wé pé òun yóò kó gbogbo wọn. Kò ná ọjà, kò sì béèrè bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo. Ó ní òun kò sí nítòsí, pé òun yóò fi sọ̀wédowó ránṣẹ́, ọlọ́kọ̀ kan yóò sì wá kó wọn. Lọ́jọ́ kẹta, àpòòwé dé. Owó ewúrẹ́ jẹ́ 1,500 dọ́là, àmọ́ 3,300 ló wà lórí sọ̀wédowó. Kò pẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, owó ọlọ́kọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ tiyín, kí ẹ fi 1,800 tó kù ránṣẹ́ sí i lónìí, kó lè tètè gbéra."

Kò sí ọlọ́kọ̀ kankan. Ayédèrú ni sọ̀wédowó náà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, 1,800 dọ́là tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ nìkan ni ojúlówó owó, àpò yín ló sì máa ti jáde.

Ìdí tí owó fi ń hàn nínú àkáǹtì

Ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà ti mọ àlẹ́ẹ̀tì irọ́. Ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé kí á má gba ohun tó wà lórí fóònù gbọ́, kí á ṣí àkáǹtì wò. Bí owó bá ti wà níbẹ̀, a ti gba owó wa nìyẹn. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló ń ti àwọn ará wa sí kòtò ní Amẹ́ríkà. Níbí, owó lè hàn nínú àkáǹtì yín ní tòótọ́, kí báńkì sì tún yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1987 ni kò jẹ́ kí báńkì há owó sọ̀wédowó mọ́wọ́ pẹ́. Bí ẹ bá fi sọ̀wédowó lásán sínú àkáǹtì, báńkì sábà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ lè ná 275 dọ́là àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì, èyí tó kù a sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tí báńkì fúnra rẹ̀ kọ, tí wọ́n ń pè ní kaṣíà ṣẹ́ẹ̀kì, tí ẹ sì fà á lé òṣìṣẹ́ báńkì lọ́wọ́, owó náà sábà máa ń ṣí sílẹ̀ pátá ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn gbájúẹ̀ fi fẹ́ràn ayédèrú kaṣíà ṣẹ́ẹ̀kì.

Àmọ́ pé ẹ lè ná an kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti san án. Báńkì yín ló gbé owó fún yín ná, nígbà tí sọ̀wédowó ṣì ń lọ sọ́dọ̀ báńkì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìwé náà kò tíì dowó. Bí báńkì ọ̀hún bá ní àwọn kọ́ làwọn kọ ọ́, wọn a dá a padà, báńkì yín a sì yọ gbogbo iye rẹ̀ kúrò nínú àkáǹtì yín. Ẹni tó fi sọ̀wédowó sínú àkáǹtì ló ni gbèsè rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan. Ìgbà mìíràn, ilé iṣẹ́ tó wà láàyè ni wọ́n jí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura títí ilé iṣẹ́ náà fi yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ewúrẹ́ wa. Ká ní 2,100 dọ́là lẹ ní tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ẹ fi 3,300 sí i, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkáǹtì ń fi 5,400 hàn. Lọ́jọ́rú ẹ fi 1,800 ránṣẹ́ sí "ọlọ́kọ̀", ó ku 3,600. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, sọ̀wédowó padà, báńkì yọ 3,300, ó wá ku 300 dọ́là. Ewúrẹ́ mẹ́fà ṣì wà nínú ọgbà, àmọ́ 1,800 nínú owó tiyín ti lọ, láìka owó tí báńkì lè bù lé e nítorí sọ̀wédowó tó padà. Bí ẹ bá ti fi ohun tó ju 300 dọ́là lọ lára 3,600 yẹn ra oúnjẹ ẹran, ẹ ti jẹ báńkì ní gbèsè nìyẹn. Bí ẹ kò bá san án, wọ́n lè ti àkáǹtì pa, kí ó sì ṣòro fún yín láti ṣí òmíràn níbòmíì.

Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀

Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ lóòótọ́ a béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, oògùn aràn tí ẹ fún un kẹ́yìn, bóyá abo ti lóyún. A ná ọjà. Èyí tí kò béèrè ohunkóhun nípa ẹran, tó jẹ́ pé àdírẹ́sì yín àti orúkọ tí yóò kọ sórí ìwé nìkan ló ń wá, ẹ fura sí i. Ẹ wo àpòòwé pẹ̀lú: orúkọ olùrà lè jẹ́ ọ̀kan, ti ẹni tó fi àpòòwé ránṣẹ́ jẹ́ òmíràn, kí orúkọ orí sọ̀wédowó tún jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ẹ má fi ojú ìwé ṣe ẹ̀rí. Ó lè nípọn, kí ó sì ní àmì tó ń hàn bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pàápàá lè jẹ́ ti báńkì gidi.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí sọ̀wédowó, nítorí ẹgbẹ́ wọn ni yóò gbé e. Ẹ wá nọ́ńbà báńkì náà fúnra yín. Ẹ má béèrè bóyá àkáǹtì náà wà tàbí bóyá owó wà nínú rẹ̀, torí ó lè wà, kó jẹ́ pé jíjí ni wọ́n jí i. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé: "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ sọ̀wédowó nọ́ńbà báyìí, fún orúkọ báyìí, iye báyìí, lọ́jọ́ báyìí?" Ní báńkì tiyín náà, ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá owó ti wọlé. Òṣìṣẹ́ lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó jẹ́ pé owó tí ẹ lè ná ló ń sọ. Ẹ béèrè bóyá báńkì tó kọ ọ́ ti san án tán, tí kò fi lè padà mọ́.

Ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ̀. Bí iye orí sọ̀wédowó bá fi dọ́là kan ṣoṣo ju iye ọjà lọ, ẹ má fi sínú àkáǹtì rárá. Ẹ ní kó wá san owó lọ́wọ́ nígbà tó bá ń kó ẹran. Bó bá jẹ́ kaṣíà ṣẹ́ẹ̀kì ló fẹ́ san, kí ẹ pàdé nínú báńkì rẹ̀ lákòókò iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ níṣojú yín. Olùrà gidi lè kùn díẹ̀, àmọ́ yóò wá. Ọlọ́kọ̀ tí olùrà gbà, òun ni kó san owó rẹ̀.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí sọ̀wédowó bá ti wà nínú àkáǹtì, tí ẹ kò tíì fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ má sì fọwọ́ kan owó náà. Ẹ sọ fún báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tọ́jú àpòòwé àti gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́.

Bí ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́, ẹ má fi wákàtí kankan ṣòfò. Bó bá jẹ́ Zelle tàbí láti báńkì sí báńkì, ẹ pe báńkì yín pé kí wọ́n gbìyànjú láti dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Zelle kì í sábà padà. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ẹni ọ̀hún ti gbà á. Bí kò bá tíì gbà á, wọ́n lè fagi lé e. Bó bá jẹ́ káàdì ẹ̀bùn ni wọ́n ní kí ẹ rà, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni káàdì náà, kí káàdì àti rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹjọ́ sùn ní ReportFraud.ftc.gov àti IC3.gov. Bó bá jẹ́ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni àpòòwé gbà wá, ẹ pe àwọn ọlọ́pàá ìfìwéránṣẹ́ ní 1-877-876-2455.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan lè pè yín pé òṣìṣẹ́ ìjọba lòun, pé wọ́n ti rí owó yín, kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ìjọba kì í gba owó kí wọ́n tó dá owó olówó padà. Ẹ pa fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà ọ̀hún kún ẹjọ́ tí ẹ ti fi sùn.