Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń gbé ojú inú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù sórí bánà ìsìnkú

Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì ní Àkúrẹ́, yálà lójú òpópónà Ọba Adésidà ni tàbí ní Àrákàlẹ̀, iṣẹ́ yìí kò ní ṣàì kàn yín. Àwọn ọmọ olóògbé yóò mú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ìyá wọn wá, wọn yóò sì tún mú fọ́tò ńlá kan wá níbi tí ìyá ti wọ aṣọ òkè tí ó sì wé gèlè, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ wà ní dídì tàbí tí ẹlòmíràn bò ó. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí a gbé ojú inú ti kékeré lé ara inú ti ńlá, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bánà tí wọn yóò gbé kọ́ sí iwájú ilé. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe dáadáa. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ kì í ṣe pé ojú náà ṣú, bí kò ṣe pé ó mọ́ gaara, ó ń dán, síbẹ̀ kì í ṣe ojú ìyá náà mọ́. Bí ojú bá ṣú díẹ̀, àwọn ará ilé yóò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú àjèjì lórí bánà ìyá wọn jẹ́ ohun tí wọn kò ní gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Bánà náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì ga tó mẹ́fà. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù náà jẹ́ dúdú àti funfun, ó jẹ́ mìlímítà 35 sí 45, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tí ìyá ń lò nígbà ayé rẹ̀. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù gba orí èjìká àti apá kan àgbọ̀n rẹ̀ kọjá. Ìyá náà kọ pélé, ilà mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí a tó tan kọ̀ǹpútà rárá. Ọmọ olóògbé yóò fi fóònù ya ojú ìwé náà, yóò sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. WhatsApp sábà máa ń dín fọ́tò kù sí nǹkan bí píksẹ́lì 1600 ní ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù, ó sì tún ń fún un pọ̀. Nígbà tí gbogbo ojú ìwé bá pín píksẹ́lì wọ̀nyí láàárín ara wọn, ohun tí ó máa kù fún ojú ìyá láti àgbọ̀n dé iwájú orí kò ju nǹkan bí 210 lọ. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ìwé náà fúnra rẹ̀ wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bó fọ́tò náà kúrò, nítorí ojú rẹ̀ lè ya. Ẹ nu gíláàsì ẹ̀rọ sikánà, kí ẹ ṣe é ní 600 dpi, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí TIFF tàbí PNG. Ojú tí ó jẹ́ mìlímítà 28 lórí ìwé yóò fún yín ní nǹkan bí píksẹ́lì 660. Lílọ sí 1200 dpi kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, torí pé ara bébà ni ó máa tóbi sí i, kì í ṣe ojú ènìyàn. Bí ẹni náà bá wà ní Ìdànrè tàbí ìlú tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì lè wá, kí ó wá ibi tí sikánà wà, kí ó sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Nítorí pé fọ́tò náà jẹ́ dúdú àti funfun, ọ̀pọ̀ ni ó máa ń yí sikánà sí dúdú àti funfun pẹ̀lú. Ìyẹn ń sọ òǹtẹ̀ búlúù di àbàwọ́n dúdú tí ó ṣòro láti yọ. Ẹ ṣe é ní aláwọ̀. Bí ẹ bá wo ìkànnì Blue nìkan nínú Channels ní Photoshop, ẹ óò rí i pé òǹtẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, nítorí pé tádàwà búlúù ń dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà bí bébà funfun ṣe ń dá a padà. Ìkànnì yìí ni kí ẹ sọ di fọ́tò tí ẹ óò lò, ìyókù òǹtẹ̀ àti eruku ni ẹ óò wá fi ọwọ́ yọ.

Ẹ ṣírò ìwọ̀n tí ẹ nílò kí ẹ tó mú ohunkóhun tóbi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé 300 dpi ni ìtẹ̀wé, wọ́n á sì fẹ́ kí ojú orí bánà náà tó bẹ́ẹ̀. Bí ojú ìyá bá máa ga ní ínṣì 14 lórí bánà, 300 yóò béèrè fún píksẹ́lì 4200, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́fà ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa lọ, kọ̀ǹpútà ni yóò sì hùmọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bánà kì í ṣe ìwé ètò ìsìnkú tí a ń dì mú lọ́wọ́. Ìtòsí mítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ènìyàn ti ń wò ó, 100 sì tó fún un. Píksẹ́lì 1400 ni ìyẹn, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì 660 lọ díẹ̀. Ẹni tí ó ti fóònù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 210 nílò nǹkan bí ìlọ́po méje. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ sikánà: òun ló ń pinnu bóyá ẹ óò kàn mú ojú náà tóbi ni tàbí ẹ óò dá òmíràn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ibi títún ojú ṣe, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tí ó ń lo GFPGAN tàbí CodeFormer. Àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ti kọ́ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò, nítorí náà ibi tí wọn kò bá ti rí nǹkan kedere, wọn yóò fi ohun tí ó sábà máa ń wà níbẹ̀ dí i. Pélé kì í sábà wà nínú ohun tí wọ́n kọ́. Wọ́n ń kà á sí àbàwọ́n orí bébà tàbí ìhunjọ ara, wọn á sì pa á rẹ́ tàbí kí wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ níbi tí mẹ́ta wà. Ìpéǹpéjú tí ó ti sọ̀ nítorí ọjọ́ orí yóò gòkè, àlàfo eyín yóò dí, ojú yóò sì dà bí ti ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún.

Àṣìṣe kejì níbẹ̀ ni ti ètò iṣẹ́. Wọ́n á mú fọ́tò tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin ná, wọ́n á sì wá gbé e fún CodeFormer. Irinṣẹ́ náà ń kọ́kọ́ dín ojú tí ó bá rí kù sínú àpótí píksẹ́lì 512 sí 512 kí ó tó tún un ṣe, yóò sì wá nà án padà sí àyè rẹ̀. Gbogbo ìmútóbi yẹn ti ṣòfò. Kódà ojú tí ó ní 660 tiwa yìí yóò kéré sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí àbájáde rẹ̀ kò fi yẹ kí ó rọ́pò fọ́tò tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ yọ ìdọ̀tí kúrò, ẹ tún un ṣe ní ìwọ̀n tí ó wà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú un tóbi. Lẹ́tà `-w` ni ó ń sọ bí irinṣẹ́ náà yóò ṣe súnmọ́ fọ́tò gangan tó: bí ó bá súnmọ́ 0, ó ń hùmọ̀ púpọ̀, bí ó bá súnmọ́ 1, ó ń tẹ̀ lé ohun tí ó rí. `-s 2` ni ó ń mú àbájáde rẹ̀ tóbi ní ìlọ́po méjì.

```
python inference_codeformer.py -w 0.8 -s 2 --input_path mama.png
```

Ẹ wá mú fọ́tò tí a kò tún ṣe tóbi ní ìlọ́po méjì bákan náà ní Photoshop, kí ẹ sì fi í sí ìsàlẹ̀, kí èyí tí a tún ṣe wà lókè rẹ̀. Ẹ dín Opacity ti òkè kù sí nǹkan bí ìdajì, kí ẹ sì fi másìkì yọ ọ́ kúrò pátápátá lórí pélé, lórí àmì dúdú èyíkéyìí tí ìyá ní lára, àti ní igun ẹnu. Ojú inú lọ́hùn-ún, ìyẹn ẹyinjú àti ìpéǹpéjú, ni ibi tí èyí tí a tún ṣe ti máa ń wúlò jù, síbẹ̀ ẹ fi wé fọ́tò àkọ́kọ́ kí ẹ rí i pé ibi tí ìyá ń wò kò yí padà.

Àwọn kan kì í fi ọwọ́ gbé ojú sípò, wọ́n ń lo irinṣẹ́ tí ń pààrọ̀ ojú fúnra rẹ̀, irú èyí tí ó ń lo `inswapper_128`. Níbẹ̀, mímú ojú kékeré tóbi kò ṣe àǹfààní kankan. Irinṣẹ́ náà ń dín in kù sí píksẹ́lì 112, ó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà 512 tí ó dúró fún ìrísí ẹni náà, ojú tí ó sì ń yà jáde kò ju 128 sí 128 lọ. Lórí ínṣì 14, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì mẹ́sàn-án fún ínṣì kan. Ilà ojú kì í sábà là á kọjá. Fún bánà ńlá, ẹ fi ọwọ́ ṣe é.

Nígbà tí ojú bá ti dé orí ara, ohun tí ó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé ara ní hóró, ojú sì jọ̀lọ̀. Ẹ wo méjèèjì ní 100%, kí ẹ fi Add Noise bu hóró díẹ̀ sí ojú títí tí yóò fi bá ọrùn dọ́gba. Ìwọ̀n tí a máa tẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, torí hóró tí a bá bù ṣáájú ìmútóbi yóò di ńlá. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ le díẹ̀: fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ń gba ìmọ́lẹ̀ láti iwájú gan-an, nígbà tí oòrùn ìta lè ti ẹ̀gbẹ́ kan wá sí ara. Ẹ rọra ṣú ẹ̀gbẹ́ ojú tí kò kọjú sí oòrùn, tí òjìji gèlè ti yẹ kí ó bọ́ sí, àwọ̀ náà ni ẹ óò sì mú láti ọrùn.

Ẹ má ṣe fi ojú kọ̀ǹpútà ṣe ìdájọ́. Ẹ gé ibi tí ẹyinjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 ní ìwọ̀n bánà gan-an, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ pe àbúrò olóògbé tàbí ọmọ rẹ̀ àgbà, kí ó dúró ní ìtòsí mítà mẹ́ta. Ẹ má ṣe béèrè bóyá ó dára. Ẹ bi í léèrè pé ta ni ó rí. Bí ó bá ṣiyèméjì, ẹ dín Opacity náà kù sí i.

Bí ó bá sì jẹ́ pé píksẹ́lì 210 yẹn nìkan ni ó wà, tí ìwé náà ti sọnù, ẹ má ṣe fi agbára fẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ojú náà sí ìwọ̀n ínṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú férémù kékeré ní apá kan bánà, kí ẹ jẹ́ kí orúkọ olóògbé àti ọjọ́ ìsìnkú gba àyè tí ó kù, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí fún àwọn ọmọ kí ẹ tó gba owó iṣẹ́.