Bí Mo Ṣe Tún Àwọ̀n Ojú Ìyá Aláàdìrẹ Ṣe Kó Lè Rẹ́rìn-ín

Ìyá aláàdìrẹ kan ni wọ́n ní kí n ṣe fún kàtúùnù kúkúrú kan tí ìtàn rẹ̀ wáyé lọ́jà Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Mo ti gbẹ́ orí rẹ̀ tán nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ère àti kàtúùnù 3D: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti ń sọ̀, ìpénpéjú tó wúwo, àti àbàjà òòró tí àwọn àgbà Ẹ̀gbá ń kọ, ìlà mẹ́ta tó dúró gbọnrangandan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó wuyì lójú, àmọ́ ère lásán ni. Onígun mẹ́ta tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló so pọ̀ bí àwọ̀n síbẹ̀, oníkálukú wọn sì kọjú síbi tó wù ú. Bí èèyàn bá fa ẹnu rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò rún bíi bébà.

Ẹ̀gbọ́n tó máa mú un rìn, tó wà ní Ìbàdàn, pè mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìyá yìí máa sọ̀rọ̀, ó máa rẹ́rìn-ín, ó sì máa ṣẹ́jú. Jọ̀ọ́, má fi àwọ̀n rúdurùdu ránṣẹ́ sí mi o." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ohun tó kàn ni ritopọ́lọ́jì, ìyẹn ni ká fi àwọ̀n tuntun tó fẹ́ẹ́rẹ́ bo ère náà, kí àwọn lúùpù rẹ̀, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin tó tò tẹ̀ lé ara wọn, sì gba ibi tí ẹran ojú ń gbà.

Blender ní QuadriFlow, tó ń sọ ère di onígun mẹ́rin fúnra rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé e sí i. Àwọn onígun mẹ́rin náà mọ́, wọ́n sì dọ́gba, àmọ́ nígbà tí mo tọ ìlà kan láti etí ìpénpéjú, ó yí wálẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba abẹ́ àgbọ̀n, kò sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní Òkè Olúmọ ni mo fẹ́ ṣe ni, ǹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, torí àpáta kì í rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ni mo fi ṣe ti ìyá yìí.

Mo bẹ àǹtí mi kan kí wọ́n jókòó, mo sì fi fóònù ká ojú wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹran tó yí ojú ká, òrùka ni. Èyí tó yí ẹnu ká náà, òrùka ni. Láàárín méjèèjì ni ẹran tó ń fa igun ẹnu lọ sókè sí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà. Bó bá ti fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú sókè, kòtò kan á sì là láti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀yìn igun ẹnu. Lára àgbàlagbà, kòtò yẹn ló ń sọ fún wa pé ẹ̀rín ni. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ to gbogbo ìyókù.

Mo fún àwọ̀n tuntun ní Mirror, tó ń ṣe ìdajì ojú kejì bíi ti àkọ́kọ́, mo tan Clipping kí àárín ojú má bàa là, mo sì fi Shrinkwrap lé e kí kókó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tí àwọn ìlà àwọ̀n ti pàdé, lè lẹ̀ mọ́ awọ ère. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: awọ tó bá sún mọ́ ọn jù ni Shrinkwrap máa ń lẹ̀ mọ́. Bí ètè ère bá pa dé, kókó ètè òkè lè lọ lẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́ ẹnu ìyá náà ní lílà díẹ̀, tí ìpénpéjú sì wà ní ìdajì.

Ojú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo to kókó 16 yí etí ìpénpéjú ká, mo sì ń fa òrùka síta léraléra títí mo fi dé eegun tó yí ojú ká. Ìpénpéjú òkè ló ń rìn jù nígbà tí èèyàn bá ṣẹ́jú, tìsàlẹ̀ kàn ń mira díẹ̀ ni, nítorí náà mo fún tòkè ní ìlà púpọ̀ sí i kí àwọ̀n rẹ̀ má bàa nà jù bó bá wálẹ̀. Lẹ́nu, iye kókó kan náà ni mo fún ètè òkè àti tìsàlẹ̀. Igun ẹnu gba kókó 3. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀, ẹnu tó là gbàgà á mú ṣóńṣó ní igun, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ní láti yí róbótó.

Ó wá kan lúùpù tó gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè imú láàárín ojú méjèèjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú wálẹ̀, ó kọjá lẹ́yìn igun ẹnu, ó sì gba orí àgbọ̀n lọ bá èkejì rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo kò lè ṣe kòtò. Mẹ́ta ni mo tò síra: ọ̀kan nísàlẹ̀ kòtò, ọ̀kan ní bèbè kọ̀ọ̀kan.

Òrùka ojú àti òrùka ẹnu kò lè pàdé kí gbogbo kókó ṣì máa gba ìlà 4. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí ìlà 5 ti pàdé, èyí tí a ń pè ní pólù. Pólù kì í ká dáadáa, torí náà kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú kòtò ẹ̀rín tàbí sí igun ẹnu. Orí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo gbé e sí: ibẹ̀ ń wú, àmọ́ kì í ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá pólù rẹ̀ bọ́ síbi tó dáa, kó tan Subdivision Surface, tó ń mú kí àwọ̀n jọ̀lọ̀, kó fi MatCap, àwọ̀ ìdánwò tó ń dán, wo ojú náà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti fún pọ̀ lójijì nígbà tí ojú ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọ̀rọ̀ ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé kó to lúùpù tọ àbàjà náà. Mi ò gbà. Ìlà tóóró mẹ́ta tó dúró lóòró ní láti bẹ̀rẹ̀ kó sì parí sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì bí pólù, níbi tó ń wú jù lójú gan-an. Ẹran ni lúùpù ń tẹ̀ lé. Orí awọ ni ilà wà. Mo fi í sílẹ̀ fún nọ́máàlì máàpù, àwòrán tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tan sí awọ bíi pé kòtò wà níbẹ̀.

Mo ṣe ẹ̀dà fáìlì náà fún ìdánwò, mo kọ́kọ́ tẹ Apply fún Mirror àti Shrinkwrap, torí Blender kì í gbà bẹ́ẹ̀ mọ́ bí Shape Keys, ìyẹn àwọn ìrísí ojú tí a tọ́jú pa mọ́, bá ti wà. Mo wá ṣe mẹ́ta wàràwàrà: ojú ṣíṣẹ́, ìlanu, ẹ̀rín. Ìlanu kò ní àléébù. Nínú ẹ̀rín, ìsàlẹ̀ kòtò ń ṣe wọ́kuwọ̀ku lápá òsì àti ọ̀tún, torí ìlà kan fi ẹ̀gbẹ́ gbé e kọjá. Mo padà sí fáìlì gidi, mo fi Rotate Edge yí i, ó sì tọ́. Ti ojú ṣíṣẹ́ kì í ṣe ẹjọ́ àwọ̀n rárá. Ní 0.5, ìyẹn ní ìdajì ọ̀nà, ìpénpéjú wọnú ẹyinjú, torí ọ̀nà tààrà ni Shape Keys ń gbà, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú rí róbótó. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n fi Shape Key mìíràn gbé e síta ní ìdajì ọ̀nà, tàbí kí wọ́n fi eegun inú Blender yí i.

Lẹ́yìn tí mo tú UV, ìyẹn ni títẹ́ awọ àwọ̀n pẹrẹsẹ bí aṣọ, mo bẹ́èkì ère, ìyẹn ni pé mo da àwọn àmì rẹ̀ di àwòrán, sórí àwọ̀n tuntun, àbàjà náà sì hàn kedere. Nígbà tí ìyá rẹ́rìn-ín, ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kò ti dáa tó: bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ á rí bọ̀rọ́, torí nọ́máàlì máàpù kì í gbẹ́ kòtò gidi. Ẹ̀gbọ́n ní ìran méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú eré náà. Mo ń bẹ́èkì dísípílésímẹ́ǹtì, èyí tó ń gbẹ́ kòtò gidi, fún àwọn yẹn lọ́tọ̀.