Bí a ṣe ń túmọ̀ "right" sí Yorùbá: ọ̀tún, tọ̀nà, ẹ̀tọ́, pẹ̀lú àmì ohùn wọn

Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ fún yín, yálà ti áàpù ni o, àbí ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fáráàlú, ẹ máa pàdé "right" níbẹ̀ dandan, Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi sípẹ́lì kan ṣoṣo di nǹkan mẹ́ta pọ̀ tí Yorùbá ò dì pọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn mẹ́ta yìí ṣiṣẹ́:

```
Turn right at the junction.
Your answer is right.
You have the right to remain silent.
```

Ẹ má tíì kọ nǹkankan o, ẹ kọ́kọ́ wá òdì-kejì ẹ̀. Tó bá jẹ́ òsì ni òdì-kejì ẹ̀, ọ̀tún lẹ fẹ́ lò. Tó bá jẹ́ àṣìṣe tàbí irọ́, "tọ́" àti àwọn ẹbí ẹ̀ ni. Tó bá wá jẹ́ nǹkan tí ẹnì kan lè fi dù yín, tẹ́ ẹ fi lè torí ẹ̀ gbé e lọ kóòtù, ẹ̀tọ́ nìyẹn, ṣebí ohun tá a máa ń sọ ni pé "wọ́n fi ẹ̀tọ́ mi dù mí". Nínú fáìlì áàpù, nígbà míì ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló máa dá wà láìsí gbólóhùn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀ o, ẹ ní kí ẹni tó ni iṣẹ́ fi ojú ìwé tó wà hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọ̀nà kọ́kọ́, òun ló rọrùn jù. "Tẹ́ ẹ bá dé oríta, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún." Ẹ rí i pé Yorùbá á kọ́kọ́ gbé yín dé oríta ná kó tó ní kẹ́ ẹ yà, ẹ má fi "níbi oríta" sẹ́yìn gbólóhùn tìtorí pé ẹ̀yìn ni Gẹ̀ẹ́sì fi í sí. Ohùn ọ̀tún jẹ́ dò-mí. Tí àmì orí "u" bá jábọ́ pẹ́nrẹ́n, ó di ọ̀tun, dò-re, ìyẹn nǹkan tuntun, bíi ká ní ká bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ti òsì náà ṣe pàtàkì, dò-dò ni, kò sì sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òṣì tó ń báṣẹ̀ẹ́ rìn ju ẹsẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ "s" yẹn lọ, ẹ fojú ṣọ́ ọ dáadáa. Tó bá jẹ́ ìwé ilé ìwòsàn lẹ̀ ń túmọ̀, ẹ ṣọ́ra fún "apá ọ̀tún", torí apá lè jẹ́ ìhà, ó sì lè jẹ́ apá ara gan-an tó so mọ́ èjìká. Kí aláìsàn má baà kà á sódì, ẹ kọ "ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún" fún ìhà ara, kẹ́ ẹ wá kọ "ojú ọ̀tún" tàbí "ẹsẹ̀ ọ̀tún" tó bá jẹ́ ẹ̀yà ara kan pàtó.

Gbólóhùn kejì: "Ìdáhùn yín tọ̀nà." Ẹ tún lè ní "ìdáhùn tó tọ́ nìyẹn". Ibi tí wàhálà wà ni pé "tọ́" tó dá dúró, mí ni ohùn ẹ̀, àmọ́ nínú "tọ̀nà" dò-dò ni méjèèjì, àwọn kan á wá rí ti tọ̀nà, wọ́n á lọ kọ "ó tọ̀", ẹni tó bá ka ìyẹn, ohun tó máa yé e ni pé ẹnì kan tọ̀ sílẹ̀. Èèyàn ló wà nínú gbólóhùn, kì í ṣe ìdáhùn? Ẹ má sọ pé èèyàn tọ̀nà nígbà náà. Tẹ́nì kan bá sọ òdodo ọ̀rọ̀, "òótọ́ lẹ sọ" là ń wí. Tó bá dáhùn àlọ́ tàbí ìbéèrè orí rédíò, "ẹ gbà á!" Tó bá jẹ́ pé aáwọ̀ ni, tí ẹjọ́ sì gbè é, "ẹ jàre", ẹnì kejì ló jẹ̀bi. Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ló gba sùúrù jù. Ẹ̀tọ́ yẹn wà nínú abala 35(2) ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ohun tó sọ ni pé ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí dìgbà tó bá rí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tó fúnra ẹ̀ yàn bá sọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ó tọ́ kí ẹ dákẹ́." Sípẹ́lì ẹ̀ pé, àmì ẹ̀ pé, ìtumọ̀ ẹ̀ sì bàjẹ́ pátápátá, torí "ó tọ́ kí" bíi "ó yẹ kí" ni, àṣẹ ló dà yẹn, ó ti di pé kẹ́ ẹ panu mọ́! Ohun tí òfin fi sọ́wọ́ aráàlú, ìtumọ̀ ti gbà á, ó ti gbé e fún ọlọ́pàá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: "Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́." Ẹ má fi "láṣẹ" dípò lẹ́tọ̀ọ́ o, àṣẹ, ẹnì kan ló ń fúnni, ẹni tó fúnni sì lè gbà á padà, bẹ́ẹ̀ náà ni àǹfààní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ni wọ́n ń pe ti ìkéde àgbáyé ọdún 1948.

Ẹ wo àmì inú "lẹ́tọ̀ọ́" yẹn dáadáa. Ẹ̀tọ́ jẹ́ dò-mí, tí "ní" bá wá sáájú ẹ̀ tí wọ́n sì wọnú ara wọn, ohùn òkè "ní" á bọ́ sórí "ẹ", dò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní sọnù, iwájú ló máa sún lọ, ló fi di mí-dò-mí, tí fáwẹ̀lì ẹ̀yìn á sì di méjì. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀tún nígbà tó di "lọ́tùn-ún". Tẹ́ ẹ bá kọ "lẹ́tọ́" lásán, ẹ ti jí ohùn kan gbé.

Ó ku ètò. Dò-dò ni, kò lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀. Tẹ́nì kan bá kọ "eto idibo" láìfi àmì kankan sí i, ta ló máa mọ̀ bóyá ètò ìdìbò ló ń wí, ìyẹn ọjọ́, àpótí àti òǹkà, àbí ẹ̀tọ́ ìdìbò tí ọmọ ìlú ní? Nínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ ìbò, méjèèjì lè wà nínú ìpínrọ̀ kan náà. Torí náà tẹ́ ẹ bá parí, ẹ wá "eto" nínú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún wò ó lórí fóònù lásán, torí nínú Yúníkóòdù "ẹ̀" ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo, wọ́n lẹ àmì dò mọ́ "ẹ" ni, àwọn fọ́ǹtì míì sì máa ń jẹ́ kí àmì náà fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka gbólóhùn kẹta sókè fún ẹnì kan tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ rárá, kẹ́ ẹ wá bi í pé: ṣé dandan ni kí ẹni tí wọ́n mú dákẹ́, àbí ó lè sọ̀rọ̀ tó bá wù ú? Tó bá ní dandan ni, ẹ padà lọ tún un kọ.