Ẹnu Ń Dun Ọmọ, Ìléròrò Sì Wà Lọ́wọ́ àti Lẹ́sẹ̀: Ohun tí Ẹ Ó Ṣe Nílé

Ìwé yìí wà fún àwọn òbí, àwọn ìyá àgbà àti gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Àrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu ni ọ̀rọ̀ wa. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kì í ṣe ẹ̀fọn, kì í ṣe ooru, kì í sì í ṣe eyín tó ń hù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran lè mọ àrùn kan tí í mú màlúù àti àgùntàn lẹ́nu àti ní pátákò. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ yín ò kó èyí lára ẹran. Ara ọmọ mìíràn ló ti ń wá, nínú itọ́, ikun imú, omi inú ìléròrò àti ìgbẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yára ràn ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ọmọ bá kó o ni ara rẹ̀ á gbóná, oúnjẹ ò sì ní wù ú. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, àmì kéékèèké á yọ lórí ahọ́n, ní àjà ẹnu àti nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á sì di egbò. Ìléròrò á tẹ̀ lé e ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà mìíràn ní ìdí, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pupa: wọ́n lè dà bí eérú, tàbí kí wọ́n dúdú ju awọ tó yí wọn ká. Ẹ gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìka fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ á kó o kí ojú tó rí i. Bí ojú bá pọ́n, tí ikọ́ àti kátá bá pọ̀, tí ìléròrò sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú wá sílẹ̀, ẹ fura sí kítípí, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ pé ohun funfun bíi wàrà tó dì ló bo ahọ́n, tí kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, èfu ló jọ, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ara gbígbóná ní ìlú wa lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn pẹ̀lú. Ìléròrò tí ẹ rí kò fi hàn pé kò sí ibà. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín, kí wọ́n gún un níka, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Kò sí ògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ara ọmọ fúnra rẹ̀ á lé e lọ. Ògùn apakòkòrò bí ampíkílọ́ọ̀sì kò ràn án lọ́wọ́ rárá, ó tiẹ̀ lè mú kó máa yàgbẹ́ gbuuru, omi tí a ń wá fún un á sì tún dín kù. Omi yìí gan-an ni kókó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín. Egbò ẹnu ló ń mú kí ọmọ kọ omi, àìmomi ló sì sábà ń gbé àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí dé ọsibítù.

Bí a ṣe ń mú kí ọmọ mu

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún méjì kan tó tẹ̀wọ̀n kílò 12. Lójúmọ́, ara rẹ̀ ń fẹ́ omi tó lé díẹ̀ ní lítà kan, bíi píọ́wọ́tà méjì, tí a bá ka ẹ̀kọ, wàrà àti omi pọ̀. Ọjọ́ kẹta ni, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ti kọ́ọ̀bù dànù.

Ìrora lẹ ó kọ́kọ́ tọ́jú, oúnjẹ á tẹ̀ lé e. Parasẹ́támọ̀ olómi tó wọ́pọ̀ jù ní mílígíráàmù 120 nínú mílí 5. Ìwọ̀n ọmọ ni a fi ń ṣírò rẹ̀: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kan. Ọmọ wa yìí á gba mílígíráàmù 120 sí 180, ìyẹn mílí 5 sí 7.5 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi wákàtí mẹ́fà sáàárín, kó má sì ju ìgbà mẹ́rin lọ láàárọ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ ka ara ìgò dáadáa, torí pé parasẹ́támọ̀ tí wọ́n ń kán fún ọmọ ọwọ́ lè ní mílígíráàmù 100 nínú mílí kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi ṣíbí mílí 5 wọn ìyẹn, ẹ ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Ògùn kátá àti ikọ́ náà sábà máa ń ní parasẹ́támọ̀ nínú, nítorí náà ẹ má lò wọ́n pọ̀. Ẹ má fún ọmọ ní asipirín-ìnì láéláé. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ tó ní fáírọ́ọ̀sì jẹ́. Ẹ má sì fi jẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹnu kú sí i lẹ́nu, torí àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọdé gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ti gba ògùn, ìrora á ti rọlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gbé oúnjẹ wá. Bí ọjọ́ náà ṣe lè lọ nìyí. Aago méje àárọ̀, ògùn. Aago méje ààbọ̀, kọ́ọ̀bù ẹ̀kọ ṣíṣàn kan, nǹkan bíi mílí 150, tó ti tutù. Láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un ní omi tútù mílí 10 ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wákàtí méjì á ti gbé mílí 240 wọ inú rẹ̀. Aago kan ọ̀sán, ògùn, lẹ́yìn rẹ̀ wàrà mílí 150 pẹ̀lú oúnjẹ rírọ̀. Láti aago mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ tún fi sírínjì ṣe bíi ti àárọ̀. Aago méje alẹ́, ògùn àti ẹ̀kọ mílí 150; kó tó sùn, omi mílí 100. Gbogbo rẹ̀ lé ní lítà kan. Bí ó bá jí lóru pẹ̀lú ẹkún, ògùn kẹrin ṣì wà fún un lẹ́yìn aago kan òru. Ẹ kọ àkókò ògùn kọ̀ọ̀kan sára ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, pàápàá bí ìyá bá lọ sọ́jà tí ìyá àgbà sì wà nílé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń fún ọmọ ní ògùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ẹ na ẹnu sírínjì sí, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun. Kí ọmọ jókòó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ ọmọ, bí àwọn kan ṣe máa ń tẹ́ ẹ lórí itan, tí wọ́n á fi ọwọ́ dí i nímú, tí wọ́n á sì máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ọmọ tó ń sunkún tí egbò sì wà lẹ́nu rẹ̀ á fa ẹ̀kọ náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, a sì lè sọ àrùn tó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ di òtútù àyà.

Oúnjẹ tútù ń mú egbò rọlẹ̀. Gbígbóná, ata, iyọ̀ àti kíkan ló ń ta á. Ògì tó ti pẹ́ nínú omi máa ń kan, nítorí náà ẹ lo tuntun, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fi omi mìíràn ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó pò ó. Ewédú tí kò láta ló dára jù nínú ọbẹ̀ wa, torí ó ń yọ̀ kọjá lórí egbò: òkèlè àmàlà kékeré, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a fi ṣíbí tẹ̀, ìbẹ́pẹ tó pọ́n àti mọ́ínmọ́ín aláìláta náà dára. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tòmátò, sóbò àti ohun mímu inú ìgò kò dára ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ọmọ ò bá jẹ oúnjẹ líle fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kò burú, níwọ̀n ìgbà tó bá ń mu. Ọmọ tó ń mọmú lè kọ ọmú nítorí fífà ń dùn ún. Ẹ fún wàrà náà sínú kọ́ọ̀bù, kí ẹ fi ṣíbí fún un. Ẹ má fi aṣọ tàbí iyọ̀ ha egbò náà, ẹ má sì tú ìléròrò.

Ìtọ̀ lẹ ó fi mọ̀ bóyá omi tó. Bí pámpá bá gbẹ fún wákàtí mẹ́jọ, tí ẹkún rẹ̀ ò ní omijé, tí ojú rẹ̀ jìn, tí ahọ́n rẹ̀ gbẹ, omi ti tán lára rẹ̀. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kódà bó bá jẹ́ òru. Ẹ má ṣe dúró bákan náà bí ara rẹ̀ bá gbóná ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tàbí tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà. Èyí tó le jù ni bó bá ń ta gìrìgìrì bó ṣe fẹ́ sùn, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà tó ń rìn, tí ọrùn rẹ̀ le, tó ń bì léraléra, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí gìrì mú un tàbí tí kò ṣeé jí. Fáírọ́ọ̀sì náà lè ti kan ọpọlọ. Ẹ má yà sí ilé oògùn; ọsibítù ńlá ni, Wẹ́sílì Gíìdì ní Iléṣà tàbí ọsibítù olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀.

Ìgbà tó máa padà sí jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ sọ fún àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, kí wọ́n lè ṣọ́ àwọn ọmọ yòókù. Ọmọ yín lè padà nígbà tí ara rẹ̀ ti tutù fún odidi wákàtí 24 láìlo ògùn, tí itọ́ ò dà mọ́, tí ìléròrò rẹ̀ ti gbẹ, tó sì ń jẹun. Ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òbí ní iṣẹ́, wọ́n á fún ọmọ ní parasẹ́támọ̀ láàárọ̀, ara á tutù, wọ́n á gbé e lọ. Nígbà tó bá di ọ̀sán, ògùn á ti tán lára, ibà á padà, itọ́ á sì ti kan gbogbo nǹkan ìṣeré.

Fáírọ́ọ̀sì náà ṣì máa wà nínú ìgbẹ́ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ara ti yá. Ẹ ò lè fi í sílé títí dìgbà yẹn, nítorí náà ọwọ́ fífọ̀ ló kù: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, lẹ́yìn pámpá àti kí a tó fún un lóúnjẹ. Sànitáísà ò fi bẹ́ẹ̀ pa irú fáírọ́ọ̀sì yìí. Fún nǹkan ìṣeré àti ilẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná, lẹ́yìn náà ẹ da bílíìṣì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, mílí 30, sínú omi lítà kan. Ẹ fi nù ún, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá ṣan ohun tí ọmọ lè fi sẹ́nu. Tuntun ni kí ẹ pò lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, awọ àtẹ́lẹwọ́ lè máa bó, èékánná kan tàbí méjì sì lè tú. Kò ní dùn ún, kò sì nílò ògùn. Ẹ gé ibi tó ń kọ́ aṣọ, ẹ má fà á. Èékánná tuntun ti ń hù lábẹ́ rẹ̀.