Bí a ṣe ń ya sùpọ́ọ̀tù àti rẹsísítáǹsì: àpótí ni kí ẹ yà, ẹ má fa ìlà

Ẹ wo fóònù àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe tírédì nítòsí oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún orí ṣáàtì wọn. Wọ́n á fa ìlà sí 73,777 dọ́là gẹ́lẹ́ lórí ṣáàtì Bítíkọ́ìnì, bí ọjà bá yí padà kó tó dé ibẹ̀, wọ́n á ní ọjà ti rẹ́ àwọn jẹ. Ọjà kò ṣẹ̀ wọ́n. Rẹsísítáǹsì ni ibi tí àwọn tó ń tà ti máa ń dá iye dúró kó má lọ sókè mọ́, sùpọ́ọ̀tù ni ibi tí àwọn tó ń rà ti máa ń gbé e ró kó má wálẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń tà kì í pàdé sórí iye kan ṣoṣo: ẹnì kan á tà ní 72,500, òmíràn ní 73,000, ẹlòmíì á ní kó dé 73,500 ná.

Ẹ ṣí BTCUSDT, ìyẹn ṣáàtì iye Bítíkọ́ìnì, lórí TradingView, kí ẹ fi sí 1D, níbi tí àbẹ́là kan ti jẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì mú Rectangle láti fi ya àpótí. Ẹ má yà á lórí àbẹ́là ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ariwo ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ojú fóònù yín bá kéré jù, ẹ ya àwòrán ojú rẹ̀, kí ẹ fi ìka kun àpótí náà sórí àwòrán. Ó tó fún iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni bí àpótí náà ṣe máa nípọn tó. Ẹ wá ibi tí ọjà ti yí padà ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Ara àbẹ́là ni apá tó nípọn, láti iye tí ọjọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ dé iye tó fi parí; òwú ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lára rẹ̀ dé iye tó ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, òwú àbẹ́là Bítíkọ́ìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 73,800 dọ́là, àmọ́ nǹkan bí 73,100 ni ibi tó ga jù tí ara àbẹ́là parí sí. Ní ìparí oṣù kẹwàá, òwú tún dé nǹkan bí 73,600, ara sì parí sí bí 72,700. Orí òwú ni mo máa ń fi ṣe òkè àpótí, ibi tí ara parí sí ni mo máa ń fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àpótí wa bẹ̀rẹ̀ láti 72,700 dé 73,800 nìyẹn.

Ẹ má nà án kó lè gba gbogbo òwú. Òwú kan ṣoṣo tó ta yọ, tí òmíràn kò tẹ̀lé e, ẹ fi í sílẹ̀ níta. Bí ara àbẹ́là bá ń lo ọjọ́ púpọ̀ nínú àpótí yín, ó ti nípọn jù. Kò tún sọ ibi tí ọjà ti ń yí padà fún yín mọ́, ibi tí ọjà ń gbé ló ń fi hàn yín.

Bó bá kan ká mọ̀ pé rẹsísítáǹsì ti fọ́, ẹ ní sùúrù. Kí òwú yọ lókè kò tíì túmọ̀ sí pé ó fọ́. Àbẹ́là ọjọ́ kan máa ń parí ní aago kan òru níbí, torí náà ẹ sùn, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 2024, ara àbẹ́là parí sókè 75,000. Ó fọ́ nìyẹn. Nígbà tó fi di oṣù kejìlá, ó ti kọjá 100,000.

Kí ló wá sọ àpótí tó fọ́ yìí di sùpọ́ọ̀tù? Ẹni tó yá Bítíkọ́ìnì tà ní 73,000 pẹ̀lú èrò pé ọjà máa wálẹ̀ ti há sínú àdánù. Bí iye náà bá padà sí tòsí ibẹ̀, ó máa yára rà kó lè bọ́ láìpàdánù. Ẹni tí ọjà fò kọjá náà ń retí ẹ̀dínwó. Àwọn méjèèjì di olùrà níbi tí olùtà pọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọjà já wálẹ̀ dé nǹkan bí 74,500, ó sì yí padà láìwọ àpótí. Ẹni tó gbé àṣẹ ríra sí 73,777 ò rí nǹkan kan rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé ìkìlọ̀ sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lókè àpótí, nǹkan bí 75,300, tí mo sì ń dúró de àbẹ́là tó parí lọ sókè kí n tó rà. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ògo fún àpótí: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà tí ọjà fò sókè ni Amẹ́ríkà kéde pé òun dá púpọ̀ nínú owó orí tuntun tóun gbé lé ọjà ilẹ̀ òkèèrè dúró fúngbà díẹ̀.

Sítọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì, àṣẹ tó máa bá yín tà á kí àdánù má baà pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí, abẹ́ rẹ̀ ni kó wà, torí sùpọ́ọ̀tù náà máa ń já nígbà míì. Òkè ọdún 2017, tó sún mọ́ 20,000, kò gba ọjà dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ó já dé nǹkan bí 17,600. Tí ara àbẹ́là bá parí sábẹ́ àpótí, ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí pupa, kí ẹ sì máa kà á sí rẹsísítáǹsì títí ara míì á fi parí sókè rẹ̀.