Àkótán ìwádìí ní gbólóhùn mẹ́ta

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Tí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé àkótán ìwádìí fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Kábà tàbí Ìsánlú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àbájáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wo àkótán ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé agbára abẹ́rẹ́ náà jẹ́ 36.3%. Ọ̀pọ̀ á ní ọmọ 36 nínú 100 kò ní ní ibà mọ́. Rárá o! Iye ìgbà tí ibà ń ṣe wọ́n ló dín kù.

Bí èmi á ṣe kọ ọ́ nìyí:

Wọ́n dán abẹ́rẹ́ ibà wò lára àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà. Bí ibà bá ṣe àwọn ọmọ oṣù 5 sí 17 tí kò gbà á ní ìgbà 100, nǹkan bí ìgbà 64 ló ṣe iye ọmọ kan náà tó gba abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò dí gbogbo ibà, agbára rẹ̀ sì ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ẹ má yọ ọjọ́ orí yẹn o, torí àǹfààní rẹ̀ kéré sí i lára àwọn ìkókó. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á fún ẹnìkan, kí ó sọ ohun tó gbọ́. Bó bá ní abẹ́rẹ́ náà ń wo ibà sàn, gbólóhùn kìn-ín-ní ni kí ẹ tún kọ.